"Kò Sí Fọ́lkánì": Báwo La Ṣe Ń Sọ Òótọ́ Nípa Ohun Tí Kò Sí?

Ní 1859, Urbain Le Verrier, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, kéde pé ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì Mẹ́kúrì kò bá ìṣirò mu. Ojú ibi tí Mẹ́kúrì ti máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ ń yí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yí ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣejù náà kò pọ̀ rárá. Tá a bá pín dígírì kan ṣoṣo sí ọ̀nà 3,600, nǹkan bíi 38 nínú rẹ̀ ni, odidi ọgọ́rùn-ún ọdún ló sì fi ń kó o jọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó mọ ìṣirò, ìyẹn ti tó láti má jẹ́ kó sùn. Le Verrier ní ó ní láti jẹ́ pé ohun kan tá a kò tíì rí wà láàárín Mẹ́kúrì àti oòrùn, bóyá pílánẹ́ẹ̀tì kan tàbí ọ̀wọ́ àwọn ohun kéékèèké, òun ló sì ń fa Mẹ́kúrì kúrò lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí dókítà kan tó ń gbé ìgbèríko, Edmond Lescarbault, fi jáde wá pé òun ti rí àmì dúdú róbótó kan tó kọjá lójú oòrùn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún yẹn. Le Verrier lọ bá a, ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó gbà á gbọ́. Ó ṣírò pé ọjọ́ 19 àti wákàtí 17 ni nǹkan náà fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Fọ́lkánì.

Fọ́lkánì kò sí. Ní oṣù kọkànlá 1915, Albert Einstein fi ìmọ̀ tuntun rẹ̀ nípa agbára òòfà ṣàlàyé àṣejù náà pátá (wọ́n ti ṣàtúnṣe rẹ̀ sí 43 nígbà yẹn), láìnílò pílánẹ́ẹ̀tì kankan. Le Verrier ti kú ní 1877, kò sì yí ọkàn padà títí ó fi lọ.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé òótọ́ ni gbólóhùn náà, "Fọ́lkánì kò sí". Bó ṣe lè jẹ́ òótọ́ gan-an ni ìṣòro. Ẹ wo gbólóhùn "Mẹ́kúrì gbóná" ná. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó rí: orúkọ náà gbé ohun kan wá síwájú wa, ọ̀rọ̀ tó kù sọ bí ohun náà ṣe rí. Bí ohun tí orúkọ gbé wá bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òótọ́ la sọ. Ẹ wá fi ìlànà yìí ka "Fọ́lkánì kò sí". Bí orúkọ náà bá gbé ohun kan wá, a jẹ́ pé ohun náà wà, irọ́ la sì ń pa tá a bá ní kò sí. Bí kò bá gbé nǹkan kan wá, a ò tíì sọ nǹkan kan nípa ohunkóhun, àfi bí ẹni ṣí ẹnu tí kò fọhùn. Kò sí èyí tó já sí òótọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọ̀nà méjì làwọn ọ̀mọ̀ràn ń gbà ṣáájú 1905. Alexius Meinong, ará Ọ́stríà, ní kò di dandan kí ohun wà kó tó di ohun tá a lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lójú tirẹ̀, òkè tí wọ́n fi wúrà ṣe jẹ́ ohun kan, òkè ni, wúrà ni, kò kàn sí ni. Ẹni tó bá gba èyí yóò ní ilé kan tí àwọn ohun tí kò sí kún bámúbámú, títí kan róbótó tó ní igun mẹ́rin. Gottlob Frege, ará Jẹ́mánì, gba ọ̀nà mìíràn ní 1892. Ó ní orúkọ lè ní ìtumọ̀ láìní ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ìyẹn dùn ún gbọ́ títí a ó fi rántí ohun tá a ń wá. "Fọ́lkánì kò sí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wà láàárín méjì. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ní 1905, Bertrand Russell, ọ̀mọ̀ràn ará Bírítéènì, gbé àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ Mind. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Orí àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ọba ilẹ̀ Faransé ti òde òní" tàbí "òṣùpá Mẹ́kúrì" ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń júwe ohun kan bí ẹni pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àpèjúwe pàtó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, "the", tí wọ́n máa ń fi síwájú irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀, orí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sì ni Russell fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé. Yorùbá kò ní in. Àwa a kàn máa sọ pé "òṣùpá Ayé", ẹni tó ń gbọ́ wa á sì mọ̀ pé ẹyọ kan là ń sọ. Tá a bá fẹ́ kó yàtọ̀, a ó ní "òṣùpá Júpítà kan". Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ máa wá nínú gbólóhùn Yorùbá. Ẹ máa bi ara yín bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ gbà pé ẹyọ kan péré ló wà.

Ohun tí Russell rí ni pé àpèjúwe pàtó kì í ṣe ìránṣẹ́ tó ń lọ gbé ohun kan wá. Ó dà bíi rẹ̀ nínú gírámà, nítorí ipò olùwà ló máa ń jókòó sí, ibi tí orúkọ náà máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n tá a bá tú gbólóhùn náà palẹ̀, àpèjúwe yẹn á fọ́ sí wẹ́wẹ́, a ò sì ní rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó dúró fún ohun kan mọ́. Ẹ mú "Òṣùpá Ayé tóbi." Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, ó kéré tán, ohun kan wà tó jẹ́ òṣùpá fún Ayé. Èkejì, kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀kẹta, ohun yòówù tó bá jẹ́ òṣùpá fún Ayé tóbi. Àwọn onílọ́jíìkì máa ń kọ ọ́ báyìí, níbi tí F dúró fún "jẹ́ òṣùpá fún Ayé", tí G sì dúró fún "tóbi":

```
∃x ( Fx ∧ ∀y ( Fy → y = x ) ∧ Gx )
```

Kò sí ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù níbẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ pé "ohun kan wà", apá àárín ń sọ pé ohunkóhun tó bá jẹ́ F, kì í ṣe ohun mìíràn, ohun kan yẹn náà ni. Apá tó gbẹ̀yìn ní ohun náà jẹ́ G. Ẹ kíyè sí i pé "òṣùpá Ayé" kò sí níbì kankan nínú ìlà yìí bí odidi. Ó ti yọ́ sínú gbólóhùn.

Nígbà tí ohun tá a sọ ti di mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta náà ni gbólóhùn lè gbà di irọ́, ojú ọ̀run sì fún wa ní àpẹẹrẹ tó rọrùn. Ayé ní òṣùpá kan. Mẹ́kúrì kò ní rárá. Máàsì ní méjì, Fọ́bọ́sì àti Dáímọ́sì. Tí ẹnìkan bá ní "Òṣùpá Ayé tóbi ju Ayé lọ", apá kẹta ló já: òṣùpá wà, ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ní "Òṣùpá Mẹ́kúrì tóbi", apá kìíní ló já. Tó bá ní "Òṣùpá Máàsì tóbi", apá kejì ti já kí ẹnikẹ́ni tó mú ìwọ̀n jáde. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irọ́ ni, kò sí èyí tí kò nítumọ̀ nínú wọn. Èyí ni èrè àkọ́kọ́ tí ìtúpalẹ̀ yìí mú wá: gbólóhùn nípa ohun tí kò sí ti di ohun tá a lè dá lẹ́jọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú ni ibi tí "kò" bá wọlé. Bí "Òṣùpá Mẹ́kúrì tóbi" bá jẹ́ irọ́, ṣé kì í ṣe pé "Òṣùpá Mẹ́kúrì kò tóbi" ni òótọ́? Òfin àtijọ́ kan nínú lọ́jíìkì ní nínú gbólóhùn kan àti ìyísódì rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá kó gbogbo ohun tó tóbi láyé lọ́run sí apá kan, tá a kó gbogbo ohun tí kò tóbi sí apá kejì, a ò ní rí òṣùpá Mẹ́kúrì ní apá méjèèjì. Àpẹẹrẹ tí Russell lò ni ọba ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ààrẹ ló ń ṣàkóso níbẹ̀, bóyá apárí ni àbí kì í ṣe apárí. Ó tilẹ̀ fi àwọn ọmọlẹ́yìn ọ̀mọ̀ràn Hegel ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn kí òdìkejì méjì parapọ̀ lè ní ọba náà dé wíìgì.

Ojútùú rẹ̀ ni pé "Òṣùpá Mẹ́kúrì kò tóbi" ní ibi méjì tí ìyísódì lè jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí F dúró fún "jẹ́ òṣùpá fún Mẹ́kúrì" báyìí, kí àmì ¬ sì jẹ́ ìyísódì:

```
1.  ∃x ( Fx ∧ ∀y ( Fy → y = x ) ∧ ¬Gx )
2. ¬∃x ( Fx ∧ ∀y ( Fy → y = x ) ∧ Gx )
```

Nínú èkíní, inú ni ìyísódì wà, kò sì fọwọ́ kan àpèjúwe: Mẹ́kúrì ní òṣùpá, ẹyọ kan ni, kò sì tóbi. Irọ́ ni. Nínú èkejì, ìyísódì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bo gbogbo rẹ̀: irọ́ ni pé Mẹ́kúrì ní òṣùpá kan ṣoṣo tó tóbi. Òótọ́ ni. Èkejì yìí nìkan ni ìyísódì tòótọ́ fún gbólóhùn tá a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òfin àtijọ́ yẹn kò bàjẹ́. Ẹnu wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí bá a bá fara balẹ̀. Ẹni tó bá ní "Òṣùpá Mẹ́kúrì kò tóbi" dà bí ẹni tó ti rí i. Ẹni tó bá ní "Kì í ṣe òótọ́ pé òṣùpá Mẹ́kúrì tóbi, Mẹ́kúrì ò lóṣùpá" ti gbé ìyísódì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹnìkan ń sọ, ẹ ní kó fi "nítorí pé" parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ní "nítorí pé kò sí", èkejì ló ń sọ.

Gbogbo èyí, àpèjúwe la fi ṣe é. Orúkọ ń kọ́? Fọ́lkánì kì í ṣe àpèjúwe, kò ní "tí" tàbí "tó" nínú. Èsì Russell ni pé ọ̀pọ̀ ohun tá a ń pè ní orúkọ, àpèjúwe tá a ké kúrú ni. Ẹ bi ẹni tó bá lo orúkọ náà pé "kí lò ń pè bẹ́ẹ̀?", àpèjúwe ni yóò fi dá yín lóhùn. Ká bi Le Verrier ní 1860, yóò ní Fọ́lkánì ni pílánẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín Mẹ́kúrì àti oòrùn, tó ń fa àṣejù inú ìrìn Mẹ́kúrì. Ẹ mú orúkọ kúrò, ẹ fi àpèjúwe yìí dí àyè rẹ̀, ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ bá a ṣe túmọ̀ òṣùpá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ẹsẹẹsẹ fún gbólóhùn tó dá wa láàmú. "Fọ́lkánì kò sí" á kọ́kọ́ di "Pílánẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín Mẹ́kúrì àti oòrùn, tó ń fa àṣejù náà, kò sí." Bá a bá tú àpèjúwe yẹn, kò sí apá G mọ́, nítorí a kò sọ bí ohun náà ṣe rí. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí, níbi tí F ti wá dúró fún àpèjúwe Fọ́lkánì yẹn:

```
¬∃x ( Fx ∧ ∀y ( Fy → y = x ) )
```

Ìyẹn ni pé, irọ́ ni pé ẹyọ kan péré wà tó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì láàárín Mẹ́kúrì àti oòrùn, tó sì ń fa àṣejù náà. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ohun kankan nínú ìlà yìí tí a gbé wá tán tí a tún ní kò sí. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwà kan ni: jíjẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, wíwà níbi báyìí, fífa nǹkan báyìí. A ní kò sí ẹyọ ohun tó kó gbogbo wọn jọ. Àwọn ìwà yẹn yé wa láìnílò Fọ́lkánì, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ̀ bóyá Fọ́lkánì wà fi lè lóye ìbéèrè náà kó tó mọ ìdáhùn. Ìdààmú ìbẹ̀rẹ̀ wá láti inú gírámà tó fi orúkọ sí ipò olùwà. Yorùbá tiẹ̀ ní ọ̀nà tó sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó la máa ń sọ pé "Fọ́lkánì kò sí"? "Kò sí Fọ́lkánì" ló máa ń yá wa lẹ́nu, tí ìyísódì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí Russell ń fẹ́ kó wà gan-an.

Ohun kan wà nínú ìlà yẹn tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó ń jẹ́ òótọ́ bí kò bá sí rárá, ó sì tún ń jẹ́ òótọ́ bí ó bá ju ẹyọ kan lọ. Bá a bá tẹ̀ lé Russell, "Òṣùpá Máàsì kò sí" jẹ́ òótọ́, nítorí méjì ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Fún Fọ́lkánì, èyí kì í ṣe eré, nítorí Le Verrier fúnra rẹ̀ ti rò ó pé ó lè jẹ́ ọ̀wọ́ àwọn ohun kéékèèké. Ká ní ohun méjì ni wọ́n rí tí wọ́n jùmọ̀ ń fa Mẹ́kúrì, ìtúpalẹ̀ yìí yóò ní Fọ́lkánì kò sí, ẹnu àwọn tó rí wọn yóò sì ní "a ti rí i, méjì ni."

Ẹ wá fi Nẹ́ptúnì wé e, nítorí ọwọ́ kan náà ló ti wá. Ní 1846, nítorí pé ìrìn Yúránọ́sì kò bá ìṣirò mu, Le Verrier ṣírò ibi tó yẹ kí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń fà á wà, ó sì kọ̀wé sí onímọ̀ ìràwọ̀ Johann Galle ní Bàlíìnì. Ní òru ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, Galle rí i, kò sì tó dígírì kan sí ibi tí Le Verrier ní kó wò. Àpèjúwe méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì: "pílánẹ́ẹ̀tì tó ń da ìrìn Yúránọ́sì rú" àti "pílánẹ́ẹ̀tì tó ń da ìrìn Mẹ́kúrì rú". Bá a bá tú wọn palẹ̀, irú ìlà kan náà la ó rí. Ọ̀kan ní ohun tó bá a mu lójú ọ̀run, èkejì kò ní. Ìyàtọ̀ náà wà lójú ọ̀run, kò sí nínú èdè, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ká ní ohun tí orúkọ ń gbé wá nìkan ni ìtumọ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé lẹ́tà tí Le Verrier kọ nípa Fọ́lkánì kò nítumọ̀ rárá, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Kì í ṣe "kò" nìkan ló ní inú àti ẹnu ọ̀nà. Èyí gan-an ni mo rò pé ó wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ Russell, òun làwọn èèyàn sì máa ń fò kọjá. "Le Verrier gbà gbọ́ pé Fọ́lkánì ń fa Mẹ́kúrì." Òótọ́ ni, ìtàn fi hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bá a bá tú Fọ́lkánì palẹ̀ sí ìta "gbà gbọ́", á di pé ẹyọ ohun kan wà tó jẹ́ Fọ́lkánì, Le Verrier sì gbà pé ohun yẹn ń fa Mẹ́kúrì. Irọ́ nìyẹn. Abẹ́ "gbà gbọ́" la gbọ́dọ̀ fi àpèjúwe náà sí: ohun tí Le Verrier gbà ni pé ẹyọ kan wà tó rí báyìí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹni inú ìtàn àròsọ. Lójú Russell, "Sherlock Holmes jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" jẹ́ irọ́, nítorí kò sí ẹni tó bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí olùkọ́ bá béèrè iṣẹ́ Sherlock Holmes nínú ìdánwò, ẹni tó kọ "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" ló gbà á, ẹni tó kọ "alápatà" kùnà. Ẹni tó bá fẹ́ gba Russell sílẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ kan fara pa mọ́ níwájú: "Nínú ìtàn náà, Sherlock Holmes jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́." Àpèjúwe náà ń tú lábẹ́ "nínú ìtàn náà", odidi gbólóhùn náà sì di òótọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń jẹ́ Holmes láyé.

Àwọn tó kọ ojú ìjà sí i kò kéré. Ní 1950, ọ̀mọ̀ràn kan, P. F. Strawson, ní bí ẹnìkan bá sọ fún wa lónìí pé ọba ilẹ̀ Faransé gbọ́n, a kì í dáhùn pé "irọ́ ni". A máa ń ní "èwo ni ti ọba? Faransé ò ní ọba." Lójú rẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ kò sọ pé ọba wà. Ó kàn fi í ṣe ìpìlẹ̀ tó dúró lé ni, ìpìlẹ̀ náà sì ti wó, nítorí náà ìbéèrè òótọ́ tàbí irọ́ kò tíì dìde. Ohun tó sọ nípa bá a ṣe ń fèsì yẹn rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ "Fọ́lkánì kò sí", ẹ ó rí i pé kò lè dé ibẹ̀. Bí lílo orúkọ náà bá ti gbára lé pé Fọ́lkánì wà, gbólóhùn tó ní kò sí ti gé ẹ̀ka tó jókòó lé, kò sì yẹ kó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Strawson gbọ́dọ̀ wá àlàyé ọ̀tọ̀ fún wíwà àti àìwà.

Àtakò tó le jù ni ti ọ̀mọ̀ràn Saul Kripke, nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Princeton ní 1970. Ó ní orúkọ kì í ṣe àpèjúwe tá a ké kúrú. Ká ní nǹkan kan ti gbá Nẹ́ptúnì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ láti mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò ní da Yúránọ́sì rú, síbẹ̀ Nẹ́ptúnì náà ni yóò jẹ́. Nítorí náà "Ó ṣeé ṣe kí Nẹ́ptúnì má da Yúránọ́sì rú" jẹ́ òótọ́. Bá a bá fi àpèjúwe rọ́pò, á dà bí ẹni pé a ní ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń da Yúránọ́sì rú má da Yúránọ́sì rú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wa dé ibí ti mọ èsì tí ọmọlẹ́yìn Russell yóò fọ̀: ẹ gbé àpèjúwe náà jáde síta "ó ṣeé ṣe". Ohun kan wà tó ń da Yúránọ́sì rú ní tòótọ́, ohun yẹn sì ì bá má dà á rú. Ó tán.

Ẹ gbìyànjú èyí fún Fọ́lkánì, kò ní ṣiṣẹ́. "Ó ṣeé ṣe kí Fọ́lkánì wà." Bẹ́ ẹ bá gbé àpèjúwe síta, ẹ ti ní ohun náà wà, irọ́ ni. Inú ló gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, fún orúkọ tó ní olórúkọ, ọmọlẹ́yìn Russell ń fẹ́ kí àpèjúwe jáde síta. Fún èyí tí kò ní, ó ń fẹ́ kó wọlé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì mọ irú èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ títí wọn yóò fi wo ojú ọ̀run. Ìyẹn ò dà bí ohun tí ìtumọ̀ orúkọ gbọ́dọ̀ dúró dè.

Kripke náà kò bọ́ nínú gbèsè. Tirẹ̀ ni pé orúkọ máa ń ti ẹnu dé ẹnu, láti ọ̀dọ̀ wa padà sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Tá a bá tọ okùn Fọ́lkánì padà dé 1860, a ó bá àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀, a ò ní bá ọmọ. Bí okùn bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọ nǹkan kan rárá ni wọ́n ń bi í léèrè, ó sì padà sí i nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ṣe ní Oxford ní 1973, tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 2013. Níbẹ̀ ló ti ní kò sí ẹni kankan, kódà nínú ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀, tá a lè nawọ́ sí pé Sherlock Holmes ni ì bá jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ìjà yìí wò, kó mú ọ̀ràn kan tó ṣì ṣí sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣì ń wá àwọn òkúta kéékèèké tó lè máa yí oòrùn po nínú ọ̀nà Mẹ́kúrì, wọn kò tíì rí ọ̀kan. Ká ní wọ́n rí ẹyọ kan lọ́la, tó kéré débi pé kò lè fa Mẹ́kúrì rárá, àmọ́ tó jẹ́ òun gan-an ni Lescarbault rí lójú oòrùn lọ́jọ́ náà. Ṣé Fọ́lkánì ti wà nìyẹn? Fún Russell, ó wà lọ́wọ́ àpèjúwe tẹ́ ẹ kó sábẹ́ orúkọ náà: bó bá jẹ́ "ohun tó ń fa àṣejù", kò sí, bó bá jẹ́ "ohun tí dókítà yẹn rí", ó wà. Fún Kripke, ó wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n nawọ́ sí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, bóyá àmì dúdú yẹn ni tàbí ìṣirò Le Verrier.

Méjèèjì ni wọ́n nawọ́ sí.